Ti Ìyá Ni àbí Ti Bàbá? Orúkọ Ẹbí Híńdì Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì àti Lẹ́nu Yorùbá

Ẹni tó bá gba Ìkòtún kọjá sí Ìṣẹ̀rí-Olófin nírọ̀lẹ́ kò ní rìn jìnnà kó tó gbọ́ eré Íńdíà láti ìsọ̀ onídìrí tàbí ti aránṣọ. Láti 2015 ni ìkànnì Zee World ti wà lórí DStv, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń sọ àwọn eré náà: wọ́n yọ ohùn Híńdì kúrò, wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì dí àyè rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń wò ó mọ ìtàn náà délẹ̀délẹ̀. Wọ́n mọ ẹni tó fẹ́ da ìgbéyàwó rú, wọ́n mọ ẹni tó ń purọ́ ìwé ilé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ṣáà ń gbọ́ lẹ́nu wọn: àǹtí yìí, ti ìyá ni àbí ti bàbá? Ìbéèrè gidi ni. Ní èdè tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe eré náà, ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà fi pe àǹtí yẹn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì ni ìdáhùn náà jábọ́.

Ọ̀rọ̀ méjì tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni èyí tí àwọn ará Íńdíà ń fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ ní chacha àti mausi. N óò máa kọ wọ́n bí etí wa ṣe ń gbọ́ wọn, ṣáṣà àti máúsì, n óò sì ṣe bákan náà fún àwọn yòókù.

Ṣáṣà ni àbúrò bàbá ẹni lọ́kùnrin. Ẹ̀gbọ́n bàbá lọ́kùnrin kì í ṣe ṣáṣà, orúkọ tirẹ̀ ni táù. Arábìnrin bàbá ni búà, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ìbáà jẹ́ àbúrò. Tí a bá kọjá sí ilé ìyá, arákùnrin ìyá ni máámà, arábìnrin ìyá sì ni máúsì. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ náà ń gba orúkọ lára wọn: ìyàwó ṣáṣà ni ṣáṣì, ìyàwó táù ni táyì, ìyàwó máámà ni máámì, ọkọ máúsì ni máúsà, ọkọ búà sì ni fúfà. Àwọn òbí bàbá ni dáàdà àti dáàdì, àwọn òbí ìyá ni náánà àti náánì. Àwọn Mùsùlùmí tó ń sọ èdè náà ń pe arábìnrin ìyá ní káálà, wọ́n sì ń pe arábìnrin bàbá ní fúfì, ṣùgbọ́n ààlà tó wà láàárín ilé bàbá àti ilé ìyá kò yẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn náà.

Nínú gbogbo wọn, ohun tí èdè yìí kọ́kọ́ ń bi ìbátan ni ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà wá. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń bi í bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ọjọ́ orí kò wọ ọ̀rọ̀ àfi níbi kan, láàárín àwọn arákùnrin bàbá, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro mọ̀. Nínú ilé ńlá ti àríwá Íńdíà, àwọn ọmọkùnrin ló ń dúró sílé bàbá wọn lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹ̀gbọ́n wọn ló sì ń di olórí ilé tí bàbá bá kú. Ọmọ tó ń dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní láti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára nínú àwọn ọkùnrin tó yí i ká. Búà ti lọ ilé ọkọ. Máámà àti máúsì wà ní abúlé mìíràn. Ta ló dàgbà jù nínú wọn kò yí ohunkóhun padà nínú ilé tí ọmọ náà ń gbé.

Yorùbá kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ohun tí àwa kọ́kọ́ ń béèrè ni ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bí. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni òpó ọ̀rọ̀ ẹbí wa, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò sì sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Tí a bá fẹ́ mọ ilé tó ti wá, a ó fi òbí tì í: ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àbúrò ìyá mi. Tí a bá tún fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni, a ó fi ìyẹn náà kún un. Kò sí èyí tí Yorùbá kò lè sọ nínú ohun tí Híńdì sọ, ọ̀nà tí a gbà ń tò ó ló yàtọ̀.

Èyí ló mú kí ṣáṣà rọrùn, kí máúsì sì le. Ẹni tó gbọ́ ṣáṣà ti mọ gbogbo ohun tí Yorùbá nílò. Àbúrò ni, ti bàbá ni. Tí ó bá pọn dandan, a lè fi "ọkùnrin" tì í, nítorí pé búà kan lè jẹ́ àbúrò bàbá pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n ń pe àbúrò bàbá lọ́kùnrin ní bàbá kékeré, mi ò sì rí ìtumọ̀ tó bá ṣáṣà mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Máúsì kò rí bẹ́ẹ̀. Híńdì ti sọ pé ti ìyá ni, ó ti sọ pé obìnrin ni, ṣùgbọ́n kò sọ fún wa bóyá ẹ̀gbọ́n ìyá ni tàbí àbúrò rẹ̀. Ẹni tó ń túmọ̀ sí Yorùbá kò sì lè la ẹnu láì mọ ìyẹn. Ohun tí mo sábà ń gbọ́ ni pé wọ́n á kàn sọ pé "àbúrò ìyá", bóyá nítorí pé máúsì nínú eré sábà máa ń jẹ́ ọ̀dọ́. Ìyẹn lè sọ àgbàlagbà di ọmọdé lójú ẹni tó ń gbọ́, á wá ṣòro fún un láti mọ ìdí tí ìyá ọmọ náà fi ń bọ̀wọ̀ fún máúsì náà.

Ọ̀nà wà láti mọ̀ ọ́n. Kí a tẹ́tí sí ohun tí ìyá ọmọ náà ń pè é. Tí ìyá bá ń pè é ní dídì, ẹ̀gbọ́n ìyá ni, torí pé dídì ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹ̀gbọ́n wọn lóbìnrin. Tí ó bá ń pe orúkọ mọ́ ọn lórí, àbúrò ni. Nígbà mìíràn, ọmọ náà fúnra rẹ̀ á pín wọn: bárí máúsì ni èyí àgbà, ṣótí máúsì ni èyí kékeré. Tí kò bá sí èyíkéyìí nínú àmì wọ̀nyí, ó sàn kí a sọ pé arábìnrin ìyá. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti ìwé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ju ti ojoojúmọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Gẹ̀ẹ́sì tó wà láàárín wọn kò béèrè ìbéèrè Híńdì, kò sì béèrè tiwa. Bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin nìkan ló ń béèrè. Ọ́ńkù kan ṣoṣo ló ní fún táù, ṣáṣà, máámà, máúsà àti fúfà, èèyàn márùn-ún tí kò sí méjì nínú wọn tí ipò wọn dọ́gba. Àǹtí kan ṣoṣo ló ní fún àwọn ìyàwó àti àwọn arábìnrin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì wá sáyé láì mọ ìyàtọ̀ yìí. Ṣáájú kí àwọn ará Nọ́máńdì tó gba ilẹ̀ wọn ní 1066, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ fún arákùnrin bàbá, wọ́n ní òmíràn fún arákùnrin ìyá, wọ́n sì ya arábìnrin bàbá sọ́tọ̀ sí arábìnrin ìyá. Ọ̀rọ̀ Faransé ló lé wọn jáde. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn náà ni ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ Faransé yẹn ti ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn tó di ọ́ńkù, arákùnrin ìyá nìkan ló ń tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ Látìn tó di àǹtí, arábìnrin bàbá nìkan ló ń tọ́ka sí. Bí a bá tẹ̀ lé gbòǹgbò wọn, ọ́ńkù ni máámà, àǹtí sì ni búà, ṣáṣà àti máúsì kò sì sí nínú wọn rárá. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ti gba ipò ẹlòmíràn, wọ́n sì ti gbàgbé ipò tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a gbé eré kan yẹ̀ wò. *Hum Aapke Hain Koun* jáde ní 1994, Sooraj Barjatya ló darí rẹ̀, ó sì wà lára àwọn fíìmù Híńdì tí wọ́n wò jù lọ láyé. Rajesh ni ẹ̀gbọ́n, Prem ni àbúrò rẹ̀. Rajesh fẹ́ Pooja, Pooja sì ní àbúrò obìnrin kan tó ń jẹ́ Nisha. Bí ìgbéyàwó ṣe so ilé méjèèjì pọ̀, Prem àti Nisha bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra wọn ní kọ̀rọ̀. Pooja bí ọmọkùnrin. Lẹ́yìn náà ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó kú. Àwọn àgbà ilé méjèèjì wá pinnu pé kí Nisha fẹ́ Rajesh, kí ọmọ náà lè ní ìyá.

Lójú ọmọ jòjòló yẹn, Prem ni ṣáṣà, Nisha ni máúsì. Ẹ gbọ́ bí ìtàn náà ṣe rí ní Gẹ̀ẹ́sì: ọ́ńkù ọmọ náà àti àǹtí rẹ̀ ń fẹ́ra wọn. Ẹni tí kò tíì wo fíìmù náà á rò pé tọkọtaya ni wọ́n tẹ́lẹ̀, tàbí kó rò pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, kó sì figbe ta. Ẹ wá gbọ́ ọ ní Yorùbá: àbúrò bàbá rẹ̀ àti àbúrò ìyá rẹ̀ ń fẹ́ra wọn. Kò sí ìdàrúdàpọ̀ kankan. A mọ̀ pé ilé méjì ni, a mọ̀ pé kò sí ẹ̀jẹ̀ láàárín wọn, a tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn méjèèjì kéré sí tọkọtaya àkọ́kọ́. Nínú fíìmù yìí, ọjọ́ orí tí máúsì kò sọ kò dí wa lọ́wọ́, torí a ti rí i pé Nisha ni àbúrò.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì ṣẹ́ kù tí àbúrò ìyá kò gbé dé. Kí ló dé tó fi jẹ́ Nisha ni wọ́n mú, tí kì í ṣe obìnrin mìíràn? Nínú ilé Híńdì, máúsì ló tẹ̀ lé ìyá gan-an. Orúkọ rẹ̀ wá láti ọ̀rọ̀ Sáńsíkíríìtì tó túmọ̀ sí arábìnrin ìyá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń gbọ́ "bí ìyá" nínú ìró rẹ̀. Wọ́n gbà pé ìyàwó bàbá lè fojú pọ́n ọmọ, ṣùgbọ́n máúsì kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀rù lè ba ẹni tó ń wò ó ní Ìṣẹ̀rí-Olófin níbi yìí, torí pé Yorùbá kì í fẹ́ kí ọmọ ìyá méjì fẹ́ ọkọ kan náà. Èyí tí àwa mọ̀ láyé àtijọ́ ni opó ṣíṣú, kí àbúrò ọkọ fẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú. Olùtúmọ̀ tó bá fẹ́ kí ibi yìí yé èèyàn ní láti fi gbólóhùn kan kún un lẹ́nu àwọn àgbà ilé, pé ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ni Nisha, kò sí ẹni tó lè tọ́jú ọmọ yìí bíi tirẹ̀.

Ewu tó dé bá Prem ni pé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fẹ́ Nisha, Nisha á di bàábì fún un. Bàábì ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni, ibí yìí sì ni Híńdì àti Yorùbá ti kọ ẹ̀yìn síra wọn pátápátá. Bàábì ń gba àgbà lára ọkọ rẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe jẹ́ ẹ̀gbọ́n Prem, bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe di ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kódà tí kò bá ju Prem lọ lọ́jọ́ orí. Prem á fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ láti kí i. Òun náà á máa pe Prem lórúkọ, torí pé déwà rẹ̀ ni, àbúrò ọkọ, ẹni tí wọ́n gbà kí ó bá ṣeré, kí ó sì máa rán níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ, tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì, ló ń bẹ̀rù. Ní ọ̀pọ̀ abúlé àríwá Íńdíà, ìyàwó á fa aṣọ bo ojú tí jẹ́ẹ̀tì bá wọlé.

Àwa kọ́. Lójú tiwa, ọjọ́ tí ìyàwó wọlé ni ọjọ́ orí rẹ̀ nínú ilé náà. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti bí sílé kí ó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n, lọ́kùnrin lóbìnrin, títí dórí ọmọ tó ń rá kòrò. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ṣàlàyé èyí dáadáa nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1997, pé ọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó nínú agbo ilé ń ya ọmọ ilé sọ́tọ̀ sí ẹni tó wọlé wá, kì í ṣe ọkùnrin sí obìnrin. Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Á wá orúkọ àpọ́nlé fún un, Adúmáadán, Ìbàdíàrán, Òpéléńgẹ́, tàbí Bàbá Kékeré. Nítorí náà, tí olùtúmọ̀ bá kọ "àbúrò ọkọ mi" fún déwà, egungun ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ti dojú dé. Ohun tí mo rò pé ó yẹ ni kí a fi àbúrò ọkọ sílẹ̀ nínú àlàyé, kí a sì jẹ́ kí obìnrin náà pe orúkọ Prem nínú ọ̀rọ̀ ẹnu bí ó ṣe pè é ní Híńdì. Yóò ṣe àwọn tó ń wò ó ní kàyéfì, kàyéfì náà sì tọ́, torí ilé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá fi Adúmáadán sí i ti kó Pooja wá sí Ọ̀yọ́.

Arábìnrin ọkọ náà ní orúkọ tirẹ̀, nánàdì. Àwọn tó wo eré tí Zee World pè ní *Twist of Fate* mọ Aliya, arábìnrin Abhi, tí kò jẹ́ kí Pragya rímú mí. Nánàdì ni Aliya jẹ́ fún Pragya. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ló tún ń lò fún bàábì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń fìyà jẹni àti ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Yorùbá kò ní ìṣòro yẹn rárá. Ọkọ obìnrin ni Aliya, ìyàwó ni Pragya, a sì mọ ibi tí agbára wà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé Yorùbá kò ka ilé ìyá àti ilé bàbá sí. A ka á sí gan-an, àmọ́ àárín àwọn ọmọ ni a ti ń ṣe é. Ọmọ ìyá mi yàtọ̀ sí ọbàkan mi, ẹni tó jẹ́ pé bàbá nìkan ló pa wá pọ̀. Nínú ilé olórogún, ìyàtọ̀ yìí ló ń pín dúkìá. Nígbà tí ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ohun tí wọ́n ń jà lé lórí nìyẹn: ṣé kí wọ́n pín ogún ní ìdí igi, kí àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, àbí kí wọ́n pín in ní orí ò jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀? Ìdí igi ni ilé ẹjọ́ tì lẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì tó ń pe ọmọ ìyá àti ọbàkan ní orúkọ kan náà kò lè sọ ẹjọ́ yẹn láì ṣàlàyé rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta.

Ẹni tó bá ń túmọ̀ tún ní láti ṣọ́ra fún ibi tí kò sí ẹbí rárá. Àwọn ọmọdé Íńdíà ń pe Jawaharlal Nehru ní ṣáṣà, ọjọ́ ìbí rẹ̀, 14 Oṣù Kọkànlá, ni wọ́n sì fi ṣe Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé. Nínú *Sholay*, fíìmù 1975, Basanti ló ni máúsì, ṣùgbọ́n Jai náà ń pe obìnrin náà ní máúsì nígbà tó lọ bá a sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tí a bá fi "àbúrò ìyá mi" sí Jai lẹ́nu, a ti sọ ọ́ di ìbátan Basanti. "Màmá" ló yẹ níbẹ̀. Irú ibi bẹ́ẹ̀ nìkan ni àǹtí ti Gẹ̀ẹ́sì ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, torí pé àwa náà ní Èkó ń pe ẹni tí kò bá wa tan ní àǹtí.

Màmá yìí sì tún jẹ́ kòtò fún ẹni tó bá gbójú lé ìró. Máámà ti Híńdì ọkùnrin ni. Òun ló ń ru ẹrù wá síbi ìgbéyàwó ọmọ arábìnrin rẹ̀, aṣọ àti owó, nínú ayẹyẹ tí wọ́n ń pè ní báàtì. Nínú ìtàn Mahabharata, máámà ni Shakuni, tó ń fún àwọn ọmọ arábìnrin rẹ̀ nímọ̀ràn burúkú títí ogun fi dé. Tí ẹ bá gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan pariwo "máámà!" nínú orin eré tí wọn kò tú sí Gẹ̀ẹ́sì, tí ọkùnrin onírùngbọ̀n sì dá a lóhùn, arákùnrin ìyá rẹ̀ ló ń pè.

Ní ti àwọn ọmọ ṣáṣà, máúsì àti àwọn yòókù, Híńdì àti Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́sìn, ó sì ti fi wọ́n sí òkèèrè. Híńdì ń pè wọ́n ní arákùnrin àti arábìnrin, ó kàn ń fi ọ̀nà tí wọ́n gbà wá kún un: arákùnrin ti ọ̀dọ̀ ṣáṣà, arábìnrin ti ọ̀dọ̀ máúsì. Ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin fi ń so okùn ràákì mọ́ ọwọ́ ọmọ ṣáṣà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń so ó mọ́ ti ọmọ ìyá rẹ̀. Kọ́sìn kò yẹ kó wọ Yorùbá níbí yìí rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ni, tàbí àbúrò mi, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ sí i á béèrè, a ó sọ fún un pé ọmọ bàbá kékeré ni.